Bákọ́ọ̀pù Tó Ní Òun Yege, Tí Fáìlì Rẹ̀ Kò Ṣeé Lò

Bákọ́ọ̀pù ni ẹ̀dà dátà tí wọ́n fi pamọ́ sí apá kan, kí ó lè rọ́pò ojúlówó lọ́jọ́ tí ojúlówó bá bàjẹ́, tí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa á rẹ́, tàbí tí olè bá gbé kọ̀ǹpútà lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́, kì í ṣe ènìyàn ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é mọ́. Wọ́n á kọ àṣẹ mélòó kan sínú fáìlì, wọ́n á ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣe é ní aago méjì òru nígbà tí ọwọ́ bá ti dilẹ̀, láràárọ̀ ni kọ̀ǹpútà á sì máa ròyìn pé iṣẹ́ náà yege. Ìròyìn yìí kò tó ohun tí àwọn tó ń kà á rò pé ó jẹ́. Gbogbo ohun tó ń sọ ni pé àṣẹ náà parí, kọ̀ǹpútà kò sì rí ohun tí yóò torí rẹ̀ pariwo. Kò sọ pé fáìlì tó jáde ní nǹkan nínú. Kò sọ pé ó ṣeé ṣí, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé dátà inú rẹ̀ pé.

Ká mú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, owó tí wọ́n ń dá lóṣooṣù àti owó tí wọ́n yá, inú àká dátà PostgreSQL ni gbogbo rẹ̀ wà, lórí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ṣe sáfà. Ẹni tó bá wọn tò ó kọ fáìlì àṣẹ kékeré yìí fún bákọ́ọ̀pù:

```
#!/bin/bash
pg_dump ajeseku | gzip > /backup/ajeseku.sql.gz
if [ $? -eq 0 ]; then echo "BACKUP OK"; fi
```

Iṣẹ́ `pg_dump` ni láti ka àká dátà tó ń jẹ́ ajeseku láti òkè délẹ̀, kí ó sì tú u jáde bí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ `gzip` ni láti fún ọ̀rọ̀ náà pọ̀ kí ó má baà gba àyè púpọ̀. Ìlà tó dúró ṣánṣán láàárín wọn ló ń gba ohun tó ti ẹnu èkíní jáde, tó ń dà á sẹ́nu èkejì. Ìlà tó kẹ́yìn ń béèrè bóyá iṣẹ́ lọ dáadáa; bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, yóò kọ `BACKUP OK`. Lójú ẹni tó bá sáré wò ó, kò sí ohun tó kù síbẹ̀. Fún oṣù mélòó kan, iṣẹ́ náà dára lóòótọ́, fáìlì tó sì ń jáde lóru kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 38.

Ká wá sọ pé ní ọjọ́ kan, wọ́n gbé PostgreSQL lórí sáfà náà kúrò ní ẹ̀yà 14 lọ sí ẹ̀yà 16, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bákọ́ọ̀pù ṣì ń lo `pg_dump` ti àtijọ́. Òfin `pg_dump` ni pé kò gbọ́dọ̀ ka àká dátà tí ẹ̀yà rẹ̀ bá ga ju tirẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ ní dánwò rárá. Ní aago méjì òru, ó sọ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì jáde:

```
pg_dump: error: aborting because of server version mismatch
```

Kò sẹ́ni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà láti kà á. `gzip` dúró de ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kò dé, ó wá fún òfìfo pọ̀, ó sì pa fáìlì dé bó ṣe yẹ. Nígbà tí ìlà tó kẹ́yìn béèrè bóyá iṣẹ́ lọ dáadáa, `BACKUP OK` ló jáde bíi ti àná. Bí ẹnì kan bá wo inú àpò fáìlì náà lówùúrọ̀, ohun tí yóò rí nìyí:

```
-rw-r--r-- 1 root root 20 Mar  4 02:00 ajeseku.sql.gz
```

Báìtì 20 péré. Ìyẹn ni ìwọ̀n fáìlì tí `gzip` ń ṣe bí wọn kò bá fún un ní ohunkóhun: orí fáìlì wà, ìdí rẹ̀ wà, kò sí nǹkan kan láàárín. Èyí tó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ni pé orúkọ kan náà ni fáìlì yìí ń jẹ́ lójoojúmọ́. Àmì `>` máa ń sọ fáìlì àtijọ́ di òfìfo láìdúró de ohun tí `pg_dump` bá mú jáde. Ẹ̀dà rere ti àná, èyí tí ì bá gba ẹgbẹ́ náà là, ti lọ ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́.

Ìdí tí kọ̀ǹpútà fi sọ pé iṣẹ́ yege rọrùn láti lóye. Bí prógíráàmù kọ̀ọ̀kan bá ti ń parí, ó máa ń fi nọ́ńbà kan sílẹ̀. Òdo túmọ̀ sí pé kò séwu. Nọ́ńbà mìíràn túmọ̀ sí pé nǹkan kọsẹ̀. Àmì `$?` ni wọ́n fi ń ka nọ́ńbà yìí. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti so prógíráàmù méjì pọ̀ mọ́ ara wọn bí èyí, nọ́ńbà ti èyí tó kẹ́yìn nìkan ni `$?` ń mú wá. Ó dà bí ìgbà tí àwọn ènìyàn tò láti etí odò dé ẹnu ọ̀nà ilé, tí wọ́n ń gba garawa omi lọ́wọ́ ara wọn, tó sì jẹ́ pé ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà nìkan ni wọ́n ń bi bí iṣẹ́ ṣe lọ. Bí ẹni tó wà létí odò bá tilẹ̀ ti ṣubú, ẹni ẹnu ọ̀nà á ní òun ti gbé gbogbo ohun tó kan òun wọlé, òótọ́ ló sì sọ. `gzip` kò purọ́. Ẹni tó kọ àṣẹ náà ni kò bi `pg_dump` léèrè.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba ju ìlà mélòó kan lọ:

```
#!/bin/bash
set -euo pipefail
F=/backup/ajeseku-$(date +%F).sql.gz
pg_dump ajeseku | gzip > "$F.tmp"
mv "$F.tmp" "$F"
echo "BACKUP OK"
```

Ọ̀rọ̀ `pipefail` ló ń pàṣẹ pé bí ẹnikẹ́ni bá kọsẹ̀ lórí ìlà náà, kí gbogbo ìlà jẹ́ èyí tó kọsẹ̀. `-e` ń ní kí iṣẹ́ dúró níbẹ̀ láìdé ibi tí wọ́n ti ń kọ `BACKUP OK`. Fáìlì gba déètì mọ́ orúkọ, nítorí náà ti òní kò lè pa ti àná rẹ́. Orúkọ `.tmp` ni yóò sì máa jẹ́ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Èyí tó bá dúró ní agbede méjì kò ní lè jẹ́ orúkọ tí ẹ̀dà gidi ń jẹ́.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké nìkan ni irú nǹkan yìí ń bá. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, ó ṣẹlẹ̀ sí GitLab, ilé iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ prógíráàmù káàkiri ayé ń kó iṣẹ́ wọn sí. Sáfà méjì ni àká dátà wọn wà lórí rẹ̀, èkejì a sì máa ṣe àwòkọ èkíní. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwòkọ náà já, òṣìṣẹ́ kan sì fẹ́ pa dátà orí sáfà kejì rẹ́ kí ó lè tún un bẹ̀rẹ̀. Orí sáfà kìíní ló wà nígbà tó pàṣẹ náà. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tó fi rí i, ó sì dá a dúró, ṣùgbọ́n nínú nǹkan bíi gígábáìtì 300, bíi 4.5 péré ló kù.

Wọ́n yíjú sí bákọ́ọ̀pù. Ojoojúmọ́ ló yẹ kí `pg_dump` máa ṣe ẹ̀dà, kí ó sì máa gbé e lọ sí àpò kan lórí Amazon S3. Nígbà tí wọ́n ṣí àpò náà, òfìfo ni wọ́n bá. Ẹ̀yà 9.6 ni àká dátà wọn ń lò, `pg_dump` tó ń ṣe bákọ́ọ̀pù sì jẹ́ ẹ̀yà 9.2, nítorí pé sáfà tí wọ́n ti ń ṣe bákọ́ọ̀pù náà kò ní àká dátà lórí tí prógíráàmù yóò fi mọ ẹ̀yà tó yẹ kí ó mú, ló bá mú èyí tó jẹ́ àtilẹ̀wá. Àṣìṣe náà tilẹ̀ ń fi ímeèlì ránṣẹ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n àwọn ímeèlì yẹn kò ní àmì ìdánimọ̀ tí ètò DMARC ń béèrè, ibi tí wọ́n ń lọ kò sì gbà wọ́n wọlé. Nítorí náà ìdákẹ́jẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń rí, wọ́n sì ka ìdákẹ́jẹ́ sí àlàáfíà.

Ohun tó yọ wọ́n ni ẹ̀dà dísìkì kan tí òṣìṣẹ́ kan ti fọwọ́ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú, fún iṣẹ́ ìdánwò mìíràn tí kò kan bákọ́ọ̀pù. Dátà bíi wákàtí mẹ́fà sọnù pátápátá: nǹkan bíi iṣẹ́ àkànṣe 5,000, ọ̀rọ̀ ìdásí 5,000 àti orúkọ oníbàárà tuntun 700. Orí dísìkì tó ń falẹ̀ ni ẹ̀dà náà sì wà, tó fi jẹ́ pé dídà á padà gba bíi wákàtí 18. GitLab kọ gbogbo rẹ̀ síta fún aráyé kà, èyí sì yẹ fún ìyìn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló máa ń bo irú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tó hàn gbangba nínú àkọsílẹ̀ náà ni pé kò sí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni ń mú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dà inú S3 yẹn padà wò déédéé. Bí wọ́n bá ti mú un lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́yìn tí wọ́n bọ́ sí ẹ̀yà 9.6, àpò òfìfo náà ì bá ti hàn.

Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ló wà tí wọ́n ń pè ní ìdánwò, àmọ́ tí wọn kì í ṣe ìdánwò ìmúpadà. Ó dára láti mọ ibi tí agbára kọ̀ọ̀kan mọ. Àkọ́kọ́ ni wíwo ìwọ̀n fáìlì. Ó ń mú fáìlì báìtì 20 lójú ẹsẹ̀, ó sì tọ́ kí kọ̀ǹpútà máa pariwo bí ti òní bá kéré ju ìdajì ti àná lọ. Ṣùgbọ́n bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá já nígbà tí `pg_dump` ti ka ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ojú kò lè fi ìwọ̀n mọ̀ ọ́n. Èkejì ni `gzip -t`, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fáìlì tí wọ́n fún pọ̀ náà pé. Ó dára fún fáìlì tó gé lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn. Àmọ́ fáìlì báìtì 20 yege lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí wàhálà, nítorí pé òfìfo tí wọ́n fún pọ̀ dáadáa ni. Bákan náà, bí `pg_dump` bá kú lójú ọ̀nà, `gzip` á ṣì pa fáìlì náà dé bó ṣe yẹ, `gzip -t` á sì ní kò sí ohun tó ṣe é.

Fún irú èyí, àyẹ̀wò kékeré kan wà tó lágbára ju ìrísí rẹ̀ lọ. Bí `pg_dump` bá kọ ẹ̀dà rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ tó ṣeé kà, ó máa ń fi gbólóhùn `PostgreSQL database dump complete` sí ìdí rẹ̀ nígbà tó bá parí nìkan. Fáìlì tí kò bá ní gbólóhùn yẹn kò pé:

```
zcat ajeseku-2025-03-03.sql.gz | tail -n 10
```

`mysqldump` náà ní irú tirẹ̀, `Dump completed`. Àwọn tó ń lo oríṣi fáìlì `-Fc` ti PostgreSQL sábà máa ń lo `pg_restore --list` dípò èyí, wọ́n á sì rí orúkọ gbogbo àtẹ tó wà nínú rẹ̀, ọkàn wọn á balẹ̀. Iwájú fáìlì ni àkójọ orúkọ yẹn wà. Bí ìdajì ẹ̀yìn fáìlì bá tilẹ̀ ti sọnù, orúkọ àwọn àtẹ á ṣì jáde ní kíkún, láìjẹ́ pé dátà wọn wà níbẹ̀.

Gbogbo àyẹ̀wò wọ̀nyí wúlò lójoojúmọ́ nítorí pé wọn kò náni ní nǹkan. Ṣùgbọ́n fáìlì ni wọ́n ń wò. Ohun tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà nílò lọ́jọ́ ìṣòro kì í ṣe fáìlì. Ìwé owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni, tí wọ́n lè ṣí, tí wọ́n sì lè fi san owó fún ẹni tó bá wá gbà á. Mímú un padà gan-an nìkan ló lè fi ìyẹn hàn.

Ìdánwò ìmúpadà gbọ́dọ̀ wáyé lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kì í ṣe lórí sáfà tí dátà ti wá. Ewu wà nínú ṣíṣe é lórí sáfà náà, nítorí pé àṣìṣe orúkọ kan péré lè da ẹ̀dà àná bo iṣẹ́ òní mọ́lẹ̀. Ìdí kejì ni pé sáfà àtijọ́ ní àwọn nǹkan kan lórí tí kò sí nínú ẹ̀dà, á sì máa ti ẹ̀dà náà lẹ́yìn láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ti fáìlì bákọ́ọ̀pù lè jẹ́ pé orí sáfà yẹn nìkan ló wà. Lọ́jọ́ tí sáfà bá jóná, fáìlì á pé, á sì dára, kò sì ní sí ẹni tó lè ṣí i. Orí kọ̀ǹpútà tí kò ní nǹkan kan lórí nìkan ni irú àléébù yìí ti ń yọjú.

Lórí kọ̀ǹpútà òfìfo yẹn, wọ́n á fi PostgreSQL ẹ̀yà tó bá ti sáfà mu sí i, wọ́n á mú fáìlì wá láti ibi tí ẹ̀dà ń gbé gan-an, wọ́n á ṣí àká dátà tuntun tó ń jẹ́ `idanwo`, wọ́n á sì da ẹ̀dà sínú rẹ̀:

```
set -o pipefail
createdb -T template0 idanwo
zcat ajeseku-2025-03-03.sql.gz | psql -X -v ON_ERROR_STOP=1 -d idanwo
```

`ON_ERROR_STOP=1` kò ṣeé fi sílẹ̀. Bí wọn kò bá kọ ọ́, tí `psql` bá bá àṣìṣe pàdé láàárín fáìlì, yóò sọ ọ́, yóò fò ó, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó bá dé òpin, òdo ni yóò fi sílẹ̀, bí ẹni pé ohun gbogbo lọ bó ṣe yẹ. Ìyẹn ni pé àìsàn tó ń ṣe bákọ́ọ̀pù lè ṣe ìdánwò bákọ́ọ̀pù náà, kí ìdánwò má sì rí ohun tó ṣe tán láti rí. `pipefail` náà tún pọn dandan níbí, nítorí pé ìlà tó so prógíráàmù méjì pọ̀ tún ti dé.

Nígbà àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ náà dúró kíá, kí ọ̀rọ̀ yìí sì yọ lójú kọ̀ǹpútà:

```
ERROR:  role "akowe" does not exist
```

Kì í ṣe pé fáìlì bàjẹ́. `pg_dump` ń ṣe ẹ̀dà àká dátà kan ṣoṣo, orúkọ àwọn tó ní àṣẹ láti wọ inú sáfà kò sì sí lára ohun tó ń dà kọ. Ẹ̀dà náà ń sọ pé akowe ló ni àtẹ kan, kọ̀ǹpútà tuntun kò sì mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àṣẹ mìíràn ni wọ́n fi ń tọ́jú àwọn orúkọ yìí, ó sì yẹ kí ó wà nínú bákọ́ọ̀pù alaalẹ́:

```
pg_dumpall --globals-only > /backup/awon-oruko.sql
```

Ẹni tó bá rí àṣìṣe yìí lórí kọ̀ǹpútà ìdánwò lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun yóò yanjú rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lọ́jọ́ tí sáfà kú, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ti tò sẹ́nu ọ̀nà, kò ní rí àyè ronú.

Bí ìdàpadà bá parí láìsí àṣìṣe, ìdánwò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì ni. Ó kù kí wọ́n bi àká dátà `idanwo` ní àwọn ìbéèrè tí wọ́n ti mọ ìdáhùn wọn láti ọ̀dọ̀ ojúlówó:

```
SELECT count(*), sum(iye), max(ojo)
FROM isanwo WHERE ojo < '2025-03-03';
```

Ìbéèrè yìí ń ka iye ìgbà tí wọ́n san owó, ó ń ro gbogbo owó náà pọ̀, ó sì ń mú ọjọ́ tó sún mọ́ wa jù lọ jáde. Wọ́n á béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ ojúlówó, wọ́n á sì fi méjèèjì wéra. Déètì tó wà ní ìparí ìbéèrè náà ṣe pàtàkì, nítorí pé ojúlówó kò dúró de ẹnikẹ́ni: owó tí wọ́n san lẹ́yìn tí bákọ́ọ̀pù ti parí kò lè sí nínú ẹ̀dà. Bí wọ́n bá fi òpin sí ọjọ́ tó ti kọjá ṣáájú bákọ́ọ̀pù, iye méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu dé kọ́bọ̀, àfi bí ẹnì kan bá ti tún àkọsílẹ̀ àtijọ́ ṣe láàárín ìgbà náà, ìyẹn sì ṣeé tọpasẹ̀.

Kọ̀ọ̀kan nínú nọ́ńbà mẹ́ta yìí ló ń tú àṣírí tirẹ̀. Bí kíkà bá mú òdo wá, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹnì kan ti fi `--schema-only` sí àṣẹ bákọ́ọ̀pù, tí ẹ̀dà fi gbé àtẹ láìgbé ohun tó wà lórí rẹ̀. Bí ọjọ́ tó sún mọ́ wa jù lọ bá jẹ́ ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, a jẹ́ pé fáìlì àtijọ́ ni wọ́n ń gbé kiri pẹ̀lú orúkọ tuntun, tàbí pé àká dátà tí wọn kò lò mọ́ ni bákọ́ọ̀pù ṣì ń kà. Àròpọ̀ owó ló ń fi hàn bí kíkà bá pé ṣùgbọ́n tí iye tó wà nínú àwọn ìlà kan ti yí padà.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, ó yẹ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, bíi akápò ẹgbẹ́, jókòó síwájú prógíráàmù tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, kí wọ́n so ó mọ́ àká dátà `idanwo`, kí ó sì wá ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ìwé owó rẹ̀ wà lọ́wọ́. Kí ó wo owó tó dá lóṣù tó kọjá, kí ó wo gbèsè tó kù lọ́rùn rẹ̀, kí ó sì ṣí ìwé ẹ̀yáwó tí onígbọ̀wọ́ fọwọ́ sí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdánwò ti ń rí ohun tí kò sẹ́ni tó ronú kàn. Àwòrán ìwé ẹ̀yáwó kì í sábà sí nínú àká dátà. Ọ̀nà tó lọ sí ibi tí àwòrán wà lórí dísìkì nìkan ni àká dátà ń kọ sílẹ̀. Bí bákọ́ọ̀pù kò bá gbé àpò àwòrán yẹn pẹ̀lú, gbogbo nọ́ńbà á pé, kò sì ní sí ìwé ẹ̀yáwó kan tó ṣeé ṣí.

Ohun méjì kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún nígbà yìí. Dátà gidi ló wà lórí kọ̀ǹpútà ìdánwò, orúkọ, fóònù àti gbèsè àwọn ènìyàn tòótọ́, nítorí náà ẹni tí kò ní àṣẹ láti rí ojúlówó kò gbọ́dọ̀ rí èyí náà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ pa á rẹ́ tí ìdánwò bá parí. Èkejì ni pé prógíráàmù tí wọ́n so mọ́ ẹ̀dà yìí kò mọ̀ pé ìdánwò ni. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn tó jẹ gbèsè, yóò tún fi ránṣẹ́ sí wọn. Kí wọ́n gé e kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó tan án.

Àkókò tí gbogbo rẹ̀ gbà náà jẹ́ ara àbájáde. Kí wọ́n kọ aago tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá fáìlì sílẹ̀, kì í ṣe aago tí `psql` bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí wọ́n sì kọ aago tí akápò rí ìwé owó àkọ́kọ́. Fún mẹ́gábáìtì 38, ìdàpadà gan-an lè má ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n wíwá ọ̀rọ̀ aṣínà ibi tí ẹ̀dà ń gbé lè gba wákàtí méjì. Wákàtí 18 ti GitLab kì í ṣe ẹ̀bi PostgreSQL. Dísìkì tí ẹ̀dà wà lórí rẹ̀ ló ń falẹ̀.

Ìdánwò tí akápò ń bá wọn ṣe yìí tó lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, àti nígbàkígbà tí wọ́n bá yí ẹ̀yà prógíráàmù tàbí sáfà padà. Èyí tó jẹ́ ìdàpadà àti nọ́ńbà nìkan, kọ̀ǹpútà lè máa dá a ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó ṣe yẹ kí ó máa ròyìn ni pé kí ó fi àmì ránṣẹ́ nígbà tí nọ́ńbà bá bára mu nìkan, kí ibi tí àmì náà ń lọ sì máa pariwo bí ọjọ́ mẹ́jọ bá kọjá tí kò rí i. Bí kọ̀ǹpútà ìdánwò bá kú, bí ímeèlì kò bá wọlé, bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì dá iṣẹ́ náà dúró, àmì kò ní dé, ariwo á sì sọ. Ibi tí àmì ń lọ náà gbọ́dọ̀ wà níta sáfà àti kọ̀ǹpútà ìdánwò.

Kí wọ́n tó gbẹ́kẹ̀ lé e, kí wọ́n fún un ní fáìlì tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́:

```
head -c 1000000 ajeseku-2025-03-03.sql.gz > baje.sql.gz
```

Báìtì mílíọ̀nù kan àkọ́kọ́ nìkan ló wà nínú `baje.sql.gz`. `zcat` gbọ́dọ̀ ráhùn pé `unexpected end of file`, ìdánwò gbọ́dọ̀ kọsẹ̀, àmì kò sì gbọ́dọ̀ lọ. Kí wọ́n tún fún un ní fáìlì báìtì 20. Èyí kò ní mú `zcat` tàbí `psql` kọsẹ̀ rárá. Ìbéèrè tí wọ́n fi ka ìsanwó ni yóò kùnà, nítorí pé kò ní sí àtẹ kankan nínú `idanwo`. Ìdánwò tó bá yege pẹ̀lú ọ̀kan nínú fáìlì méjèèjì yìí kò tíì ṣeé lò.

Ó ku ọ̀rọ̀ pípa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́. Fáìlì tó ní déètì á máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́, nítorí náà wọ́n á kọ àṣẹ bí èyí láti máa pa gbogbo èyí tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ:

```
find /backup -name 'ajeseku-*.sql.gz' -mtime +14 -delete
```

Déètì nìkan ni àṣẹ yìí ń wò. Bí bákọ́ọ̀pù bá ti ń mú fáìlì tí kò wúlò jáde láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yóò ti pa gbogbo ẹ̀dà rere rẹ́ tán, yóò sì ku òfìfo nílẹ̀. Ibi tó yẹ kí àṣẹ náà wà ni ìparí fáìlì ìdánwò ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn ìlà tí wọ́n ti fi nọ́ńbà wéra, kí ó lè jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tí ìmúpadà bá yege nìkan ni wọn yóò pa ẹ̀dà kankan rẹ́. Ẹ̀dà tí ìdánwò náà bá fọwọ́ sí ni kí wọ́n dà kọ sórí dísìkì kejì ní ilé mìíràn, pẹ̀lú `awon-oruko.sql` àti àpò àwòrán, kí kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i sì wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì, lórí ohun tí kì í ṣe sáfà náà.